Nígbà Tí Kámẹ́rà Bá Gbójú Sókè Tó Sì Há: Igun Mẹ́ta àti Nọ́ńbà Mẹ́rin

Kámẹ́rà inú géèmù, tàbí ti inú fíìmù tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà yà, kò ní awò, kò sì ní ẹsẹ̀ tó fi dúró. Nọ́ńbà ni gbogbo rẹ̀. Àwọn nọ́ńbà kan ń sọ ibi tó wà, àwọn mìíràn ń sọ ibi tó kọjú sí, kọ̀ǹpútà á sì fi wọ́n ṣírò ohun tó yẹ kí olùwòran rí. Ibi tó wà kì í fa wàhálà: nọ́ńbà mẹ́ta tó fún un, ọ̀kan fún ọ̀tún àti òsì, ọ̀kan fún òkè àti ilẹ̀, ọ̀kan fún iwájú àti ẹ̀yìn. Ibi tó kọjú sí ni iṣẹ́ wà. Nọ́ńbà mẹ́ta dà bí ẹni pé wọ́n tó fún ìyẹn náà, wọ́n sì máa ń tó, àfi ní ojú ibì kan. Bí kámẹ́rà bá débẹ̀, ọ̀kan nínú nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á di aláìwúlò, àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì tàbí kó yí dànù lójijì. Àwọn oníṣẹ́ náà ń pe èyí ní híhá gímbà. Ohun tí wọ́n fi ń yẹra fún un ni nọ́ńbà ẹlẹ́ka mẹ́rin tó ń jẹ́ kuaténíọ̀nù.

Nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ ni igun Euler, tí wọ́n fi orúkọ Leonhard Euler pè, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Swítsàlandì tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Orí ènìyàn fi wọ́n hàn kedere. Ẹni tó dúró lójú kan lè yí ọrùn sí ọ̀tún tàbí òsì. Igun ẹ̀gbẹ́ nìyẹn. Ó lè gbójú sókè tàbí kó wolẹ̀. Igun ìgbójú nìyẹn. Ó sì tún lè tẹ orí sí èjìká kan láìyí ojú kúrò lára ohun tó ń wò. Igun ìtẹ̀ nìyẹn. Kò sí ibi tí kámẹ́rà lè kọjú sí tí àpapọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò lè júwe. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fi fẹ́ràn wọn: ènìyàn lè ka 30, 45, 0 kó sì mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí kámẹ́rà ṣe rí.

Ohun tí òǹkà náà kò fi hàn ni pé igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀pá X nà sí ọwọ́ ọ̀tún, kí ọ̀pá Y nà sí òkè, kí ọ̀pá Z nà sí ẹ̀yìn kámẹ́rà, kí kámẹ́rà sì máa wo iwájú. Igun ẹ̀gbẹ́ ń yí yípo ọ̀pá Y, igun ìgbójú ń yí yípo X, igun ìtẹ̀ ń yí yípo Z. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà lóde, ọ̀kan wà láàárín, ọ̀kan wà nínú. Bí èyí tó wà lóde bá yí, ó gbé àwọn méjì yòókù dání. Bí ti àárín bá yí, ó gbé ti inú dání, ṣùgbọ́n kò lè mi ti òde. Bí gímbà gidi ṣe rí gan-an nìyí: àwọn òrùka irin tó wà nínú ara wọn, tí wọ́n ti ń lò tipẹ́ láti gbé kọ́ńpáàsì sínú ọkọ̀ ojú omi kí ìjì má bàa dà á nù. Orúkọ tí wọ́n fún àléébù náà ti ibẹ̀ wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí irin kankan nínú kámẹ́rà kọ̀ǹpútà.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ bí igun ìgbójú bá di dígírì 90, ìyẹn bí kámẹ́rà bá wo òkè gangan. Ọ̀pá tí igun ẹ̀gbẹ́ ń yí yípo kò kúrò lójú rẹ̀, ó nà láti ilẹ̀ lọ sókè ọ̀run. Ọ̀pá ti igun ìtẹ̀ ni ìlà tí kámẹ́rà fi ń wòran, níwọ̀n bí kámẹ́rà sì ti gbójú sókè pátápátá, ìlà yẹn náà ti nà láti ilẹ̀ lọ sókè ọ̀run. Ọ̀pá méjì ti di ọ̀kan. Bí wọ́n yí igun ẹ̀gbẹ́, àwòrán á pòòyì lójú kan. Bí wọ́n yí igun ìtẹ̀, ohun kan náà ni yóò ṣẹlẹ̀. Ìṣirò sọ ọ́ báyìí:

```
Ry(30) · Rx(90) · Rz(0)  =  Ry(70) · Rx(90) · Rz(40)
```

Apá òsì àti apá ọ̀tún jẹ́ ìdúró kan ṣoṣo. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín igun ẹ̀gbẹ́ àti igun ìtẹ̀ nìkan ló ṣì níye lórí: 30 dín 0 jẹ́ 30, 70 dín 40 náà jẹ́ 30. Nọ́ńbà méjì ti ń ṣe iṣẹ́ ẹyọ kan, iṣẹ́ kan sì ti wà tí ẹnikẹ́ni kò ṣe mọ́. Láti ibi tí kámẹ́rà wà yìí, kò sí igun tí wọ́n lè yí díẹ̀ tí yóò mú un ṣí ojú kúrò lókè lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ó ní láti kọ́kọ́ pòòyì títí igun ẹ̀gbẹ́ yóò fi bá apá tó fẹ́ lọ mu, kó tó wá wolẹ̀ díẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní híhá gan-an nìyẹn. Kámẹ́rà kò dúró gbagidi. Ó ṣì ń yí, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ti dí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé dígírì 90 nìkan ni wàhálà wà, pé bí kámẹ́rà bá ṣe díẹ̀ kó tó débẹ̀, gbogbo nǹkan ti dára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àléébù náà ń rá pálá bọ̀ láti òkèèrè. Bí kámẹ́rà bá ń tẹ̀lé ẹyẹ kan tó ń fò lọ sí ẹ̀gbẹ́ ní dígírì 1 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí igun ìgbójú sì wà ní 0, igun ẹ̀gbẹ́ gbọ́dọ̀ máa yí ní dígírì 1 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Ní dígírì 80, ó ti di bíi 5.8. Ní 89, ó ti di 57. Ní 89.9, ó ti di 573, ìyẹn ju ìyípo kan àtààbọ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí ẹyẹ tí kò yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kósáìnì igun ìgbójú ni wọ́n ń fi pín in, bẹ́ẹ̀ kósáìnì 90 sì jẹ́ òdo. Nítorí náà, àmì àkọ́kọ́ tí olùwòran máa rí ni kámẹ́rà tó ń gbọ̀n tó sì ń ta kítí bó ti ń súnmọ́ òkè.

Àmì kejì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí géèmù kan ní ọkọ̀ òfúrufú tó ń fi imú kọ́ òkè láti yí po bí òrùka, kí kámẹ́rà sì máa tẹ̀lé e láti ẹ̀yìn. Igun ìgbójú ọkọ̀ náà lọ láti 87 sí 88, sí 89. Ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà máa ń fi igun ìgbójú sáàárín dígírì 90 nísàlẹ̀ òdo àti 90 lókè rẹ̀, torí náà bí ọkọ̀ bá dé ibi tó yẹ kó jẹ́ 91, kọ̀ǹpútà kì í kọ 91. Ó máa ń kọ ọ́ pé igun ẹ̀gbẹ́ jẹ́ 180, igun ìgbójú jẹ́ 89, igun ìtẹ̀ jẹ́ 180. Ìṣirò náà kò lẹ́bi; ìdúró kan náà ni. Ṣùgbọ́n àwọn kámẹ́rà tó ń tẹ̀lé nǹkan lẹ́yìn kì í sábà bìkítà fún igun ìtẹ̀; òdo ni wọ́n máa ń fi í sí kí àwòrán má bàa dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ yóò rí i pé igun ẹ̀gbẹ́ fò láti 0 sí 180, yóò sì yí ayé sódì níwájú ẹni tó ń ṣe géèmù, nígbà tó jẹ́ pé dígírì méjì péré ni ọkọ̀ òfúrufú náà yí.

Àwọn tó lọ sí òṣùpá mọ wàhálà yìí ní ti irin gidi. Nínú ọkọ̀ Apollo, ìtẹ́ kan wà tí àwọn jáírósíkóòpù mú dúró lójú kan, tó sì ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ mọ ibi tí ọkọ̀ kọjú sí. Òrùka mẹ́ta ni wọ́n fi gbé e. Ọkọ̀ Gemini tó ṣáájú rẹ̀ ní òrùka mẹ́rin, ṣùgbọ́n mẹ́ta fúyẹ́ jù, ó sì rọrùn ju mẹ́rin lọ, torí náà mẹ́ta ni wọ́n yàn fún Apollo. Bí òrùka àárín bá dé dígírì 70, iná ìkìlọ̀ á tàn. Bí ó bá dé 85, wọ́n á dá ìtẹ́ náà dúró, ọkọ̀ ò sì ní mọ ibi tó kọjú sí mọ́ títí àwọn awakọ̀ yóò fi tún un tò nípa wíwo ìràwọ̀. Nígbà ìrìn-àjò Apollo 11 ní oṣù keje ọdún 1969, Michael Collins, tó ń wa ọkọ̀ ńlá náà, bá àwọn tó wà ní ilẹ̀ ṣàwàdà pé kí wọ́n fi òrùka kẹrin ránṣẹ́ sí òun fún Kérésìmesì.

Kì í ṣe pé wọ́n yan igun mẹ́ta tí kò dára. Wọ́n lè yí ètò wọn padà, kí igun ìgbójú wà lóde kí ti ẹ̀gbẹ́ wà láàárín, ibi tí wọ́n ti ń há yóò kàn ṣí lọ sí apá mìíràn ni. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ti fi hàn pé kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè fi nọ́ńbà mẹ́ta péré júwe gbogbo ìdúró tó lè wà, kó má sì sí ojú ibì kan tí yóò ti já. Àwòrán ilẹ̀ ní irú àléébù yìí: ìlà gígùn ayé, tó ṣe kedere ní Ìbàdàn àti ní Dublin, kò ní ìtumọ̀ mọ́ ní góńgó àríwá, nítorí gbogbo wọn pàdé níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kúrò nínú híhá gímbà, nọ́ńbà kẹrin ló gbọ́dọ̀ wá.

Euler fúnra rẹ̀ ló pèsè ohun tí wọ́n fi dé ibẹ̀. Ní ọdún 1775, ó fi hàn pé bó ti wù kí nǹkan ti yí tó, bó ti wù kí ìyípo náà pọ̀ tó, ìyípo kan ṣoṣo yípo ọ̀pá kan ṣoṣo lè mú un láti ìdúró àkọ́kọ́ dé ìdúró ìkẹyìn. Dípò kí wọ́n máa sọ pé kámẹ́rà yí sí ẹ̀gbẹ́, ó gbójú, ó sì tẹ̀, wọ́n lè sọ pé ó yí ní ìwọ̀n báyìí yípo ọ̀pá báyìí. Kò sí òde, kò sí àárín, kò sí inú. Ìyípo kan ni, ọ̀pá kan ni. Ohun tó kù ni bí wọ́n ṣe máa so irú ìyípo méjì bẹ́ẹ̀ pọ̀ láti rí ẹ̀kẹta, nítorí kámẹ́rà kì í yí lẹ́ẹ̀kan kó dúró. Ó ń yí níye ìgbà tí wọ́n bá ya àwòrán, ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan nínú ọ̀pọ̀ géèmù.

Olinde Rodrigues, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tẹ ìlànà ìṣirò fún síso ìyípo méjì pọ̀ jáde ní ọdún 1840, kò sì sí ẹni tó fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. William Rowan Hamilton ti Irẹ́lándì gba ọ̀nà mìíràn débẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń wá bí òun ṣe lè fi nọ́ńbà ẹlẹ́ka mẹ́ta lọ́po ara wọn, bí wọ́n ṣe ń fi ẹlẹ́ka méjì ṣe é. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 1843, bí òun àti ìyàwó rẹ̀ ti ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò àgbẹ́ ní Dublin, ó yé e pé mẹ́rin ló yẹ kó jẹ́, kì í ṣe mẹ́ta. Ó fi ọ̀bẹ gbẹ́ òfin náà sára òkúta afárá Broom:

```
i² = j² = k² = ijk = −1
```

Nínú ìlà kúkúrú yìí ni gbogbo ìsọdipúpọ̀ kuaténíọ̀nù wà. Láti inú rẹ̀ ni i lọ́nà j ti jẹ́ k, tí j lọ́nà i sì jẹ́ k tòdì. Ẹni tó bá kọ́ ìṣirò ní ilé ìwé ti mọ́ra pé 3 lọ́nà 5 àti 5 lọ́nà 3 kò yàtọ̀; níhìn-ín, èyí tó ṣáájú ń yí ìdáhùn padà. Èyí kì í ṣe àléébù rárá. Bí ìyípo gidi ṣe rí nìyẹn, ó sì yẹ kí nọ́ńbà tó ń júwe ìyípo máa hùwà bí ìyípo.

Kuaténíọ̀nù kan ní ẹ̀ka mẹ́rin: w, x, y, z. Bí ìwọ̀n ìyípo bá jẹ́ θ, tí ọ̀pá tó yí yípo sì kọjú sí (ax, ay, az), bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyí:

```
w = cos(θ/2)
x = ax · sin(θ/2)
y = ay · sin(θ/2)
z = az · sin(θ/2)
```

Ìdajì igun tó wà níbẹ̀ máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi kuaténíọ̀nù yí ojú kan nínú ayé kọ̀ǹpútà, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń lò ó: wọ́n fi ṣáájú ojú náà, wọ́n sì fi èyí tó jẹ́ òdìkejì rẹ̀ tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ìlò kọ̀ọ̀kan ń ṣe ìdajì iṣẹ́, àpapọ̀ wọn sì fún wọn ní igun tó pé.

Kí kámẹ́rà gbójú sókè ní dígírì 90, kó sì yí sí òsì ní dígírì 90. Ìdajì 90 ni 45, kósáìnì àti sáìnì 45 sì jẹ́ 0.7071. Gbígbójú yípo X jẹ́ (0.7071, 0.7071, 0, 0), bí wọ́n bá kọ w ṣáájú. Yíyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ yípo Y jẹ́ (0.7071, 0, 0.7071, 0). Bí kámẹ́rà bá kọ́kọ́ gbójú kó tó yí, wọ́n á fi èyí tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn sí apá òsì:

```
yíyí · gbígbójú = 0.5 (1 + j)(1 + i) = (0.5, 0.5, 0.5, −0.5)
gbígbójú · yíyí = 0.5 (1 + i)(1 + j) = (0.5, 0.5, 0.5,  0.5)
```

Igun tí kósáìnì rẹ̀ jẹ́ 0.5 ni 60, ìlọ́po méjì rẹ̀ sì ni 120. Ìdáhùn àkọ́kọ́ jẹ́ ìyípo dígírì 120 yípo ọ̀pá tó kọjú sí (1, 1, −1). Èkejì náà jẹ́ dígírì 120, ṣùgbọ́n yípo (1, 1, 1). Nínú àkọ́kọ́, kámẹ́rà ń wo òkè gangan. Nínú èkejì, tó kọ́kọ́ yí kó tó yí yípo X, ó ń wo apá òsì. Ìyípo méjì kan náà ni wọ́n lò. Ètò wọn nìkan ló yàtọ̀.

Ẹ tún wo ìdáhùn àkọ́kọ́, torí ìdúró tó há tẹ́lẹ̀ ni. Nínú igun Euler, ọ̀nà kan ti dí níbẹ̀. Nínú kuaténíọ̀nù, (0.5, 0.5, 0.5, −0.5) kò ní nǹkan kan tó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣí kámẹ́rà ní dígírì 1 sí apá èyíkéyìí, wọ́n á ṣe kuaténíọ̀nù kékeré kan tí w rẹ̀ jẹ́ 0.99996, tí gígùn ẹ̀ka mẹ́ta yòókù sì jẹ́ 0.00873, wọ́n á fi lọ́po èyí tó wà nílẹ̀, ó parí. Ìyípo kékeré ń fa ìyípadà kékeré nínú nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí kámẹ́rà bá kọjú sí òkè tàbí sí iwájú. Òfin kan ṣoṣo tó de wọn ni pé w², x², y² àti z² gbọ́dọ̀ jẹ́ 1 tí wọ́n bá rò wọ́n pọ̀.

Nínú ètò kámẹ́rà tí ènìyàn ń fi máósì darí, iṣẹ́ náà kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Bó ṣe rí nínú GLM nìyí, níbi tí wọ́n ti ń ka igun ní rédíánì:

```cpp
q = glm::angleAxis(dyaw, glm::vec3(0, 1, 0)) * q;
q = q * glm::angleAxis(dpitch, glm::vec3(1, 0, 0));
q = glm::normalize(q);
```

Apá tí wọ́n fi ìyípo tuntun sí ni kókó ìlà méjì àkọ́kọ́. Èyí tó wà lápá òsì q ń yí yípo ọ̀pá ayé, tí kì í kúrò lójú kan. Èyí tó wà lápá ọ̀tún ń yí yípo ọ̀pá kámẹ́rà fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń rìn nínú géèmù nílò kí yíyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ máa tẹ̀lé òkè ayé, kí gbígbójú sì máa tẹ̀lé etí ọ̀tún òun fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá fi méjèèjì sí apá ọ̀tún, nǹkan kan á ṣẹlẹ̀ tó ti da ọ̀pọ̀ akọ̀wé ètò lọ́kàn rú: bí ènìyàn bá ń fi máósì ya òbírí kékeré, kámẹ́rà á máa dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ á sì dagun, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ pé kó tẹ̀. Wọ́n á ní kuaténíọ̀nù ló bàjẹ́. Kò bàjẹ́, ìyípo yípo ọ̀pá tó ń ṣí kiri máa ń fi ìtẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Fún ọkọ̀ òfúrufú tàbí ọkọ̀ tó ń lọ láàárín ìràwọ̀, ìwà yìí gan-an ni wọ́n fẹ́.

Ìlà kẹta wà nítorí pé kọ̀ǹpútà kì í kọ nọ́ńbà tán pátápátá. Ìsọdipúpọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gé ìdí nọ́ńbà díẹ̀, lẹ́yìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ àpapọ̀ ìlọ́po náà kò ní jẹ́ 1 mọ́. Ẹni tó bá gbàgbé láti tún un ṣe yóò rí i kí àwọn nǹkan inú àwòrán máa tóbi tàbí kí wọ́n máa wọ́ díẹ̀díẹ̀ bí géèmù ti ń pẹ́. Pípín ẹ̀ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú gígùn wọn lápapọ̀ ti tó láti wò ó sàn.

Ibi tí kuaténíọ̀nù ti yọ jù nínú iṣẹ́ fíìmù ni gbígbé kámẹ́rà láti ìdúró kan dé òmíràn lọ́nà tó ń ṣàn. Ní ọdún 1985, Ken Shoemake gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ níbi àpéjọ SIGGRAPH, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ lónìí sí slerp. Ó ń gba ọ̀nà tó kúrú jù láàárín ìdúró méjì, kò sì yára ní ibì kan kó wá falẹ̀ ní ibòmíràn. Kí igun ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà wà ní dígírì 350, kó sì fẹ́ lọ sí 10. Bí ètò bá kàn ka igun Euler láti 350 wá sí 10, kámẹ́rà á yí dígírì 340 gba ẹ̀yìn kọjá. Kuaténíọ̀nù 350 ni (−0.9962, 0, 0.0872, 0), ti 10 sì ni (0.9962, 0, 0.0872, 0). Wọ́n á fi ẹ̀ka lọ́po ẹ̀ka, wọ́n á rò ó pọ̀, ìdáhùn á jẹ́ −0.9848.

Àmì òdì tó wà lára ìdáhùn yẹn níye lórí púpọ̀. Kuaténíọ̀nù kan àti òdì rẹ̀ ń júwe ìdúró kan náà, nítorí ìdajì igun tó wà nínú wọn. Nítorí náà ọ̀nà méjì ló wà láti ìdúró kan sí òmíràn, ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú. Bí ìdáhùn bá jẹ́ òdì, ọ̀nà gígùn ni ètò ti dì mú. Wọ́n á yí àmì gbogbo ẹ̀ka ọ̀kan nínú méjèèjì padà, ìdáhùn á di 0.9848, tó jẹ́ kósáìnì 10, ìlọ́po méjì rẹ̀ á sì jẹ́ dígírì 20 gan-an tó yẹ kí kámẹ́rà rìn. Ìlà kan péré ni àyẹ̀wò yìí nínú ètò, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fò ó, kámẹ́rà tó ti ń rìn dáadáa á ṣàdédé gba ẹ̀yìn yí po ní ojú ibì kan ṣoṣo, wọ́n á sì máa wá ìdí rẹ̀ níbi tí kò sí.

Híhá gímbà tún lè gba ẹ̀yìnkùlé wọlé padà fún ẹni tó ti ń lo kuaténíọ̀nù. Unity ń fi kuaténíọ̀nù pamọ́ nínú, ṣùgbọ́n igun Euler ló ń fi han ènìyàn lójú kọ̀ǹpútà, nítorí ìyẹn ni ojú lè kà. Ẹni tó bá ń ka `transform.eulerAngles` ní gbogbo ìgbà tí àwòrán bá yí padà, tó fi dígírì díẹ̀ kún un, tó sì dá a padà, ti ju àǹfààní nọ́ńbà kẹrin nù. Iye tó kà ní àsìkò yìí lè jẹ́ 89, èyí tó kà lẹ́yìn náà lè mú 180 dání nínú méjì yòókù, bí ti ọkọ̀ òfúrufú ìṣáájú. Ó yẹ kí igun Euler máa wọlé láti ọwọ́ ènìyàn, kó sì máa jáde fún ojú ènìyàn. Ìdúró tí ètò ń rántí láti àwòrán kan sí èkejì gbọ́dọ̀ wà ní kuaténíọ̀nù.

Ètò tí wọ́n fi ń kọ ẹ̀ka mẹ́rin náà sílẹ̀ tún máa ń fa ìdàrúdàpọ̀. Blender ń kọ w ṣáájú, Unity ń kọ ọ́ kẹ́yìn. Ìdúró tí kò yí rárá jẹ́ (1, 0, 0, 0) níbi tí w ti ṣáájú. Bí ètò tó fi w sí ẹ̀yìn bá ka nọ́ńbà kan náà, ó ti di ìyípo dígírì 180 yípo X. Bí kámẹ́rà tí wọ́n kó wọlé láti ibòmíràn bá dorí kodò ní kété tí wọ́n ṣí i, ètò ẹ̀ka ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Kì í ṣe gbogbo kámẹ́rà ló nílò gbogbo èyí. Nínú géèmù tí ènìyàn ti ń fi ẹsẹ̀ rìn, ọ̀pọ̀ ń fi igun méjì péré ṣe é, ti ẹ̀gbẹ́ àti ti ìgbójú, wọ́n sì ń dá ìgbójú dúró ní dígírì 89, nítorí kò sí ẹni tó ń gbójú títí tí yóò fi rí ẹ̀yìn ara rẹ̀. Àwọn tó ń ya eré àfọwọ́yà pẹ̀lú sábà máa ń padà sí igun Euler fún ohun tó ní láti yí po lọ́pọ̀ ìgbà, bíi táyà tàbí abẹ̀bẹ̀, torí kuaténíọ̀nù kò lè rántí pé nǹkan ti yí ní ìgbà mẹ́ta. Ibi tó dúró sí nìkan ló mọ̀.

Ààlà tó ṣe pàtàkì jù ni ti irin. Kuaténíọ̀nù ń wo àléébù tó wà nínú ìjúwe sàn, kò lè wo èyí tó wà nínú ẹ̀rọ. Bí wọ́n ti wù kí wọ́n ṣírò tó nínú kọ̀ǹpútà Apollo, òrùka irin mẹ́ta yóò ṣì há bí méjì nínú ọ̀pá wọn bá di ọ̀kan, torí kò sí mọ́tò tó lè yí ìtẹ́ náà sí apá tó dí. Kámẹ́rà ọlọ́pàá tó wà lórí òpó, tó ní mọ́tò kan fún ẹ̀gbẹ́ àti ọ̀kan fún ìgbójú, wà lábẹ́ òfin kan náà: bí ohun tó ń tẹ̀lé bá gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ gangan kọjá, mọ́tò ẹ̀gbẹ́ gbọ́dọ̀ sáré yí ìdajì òbírí. Nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ kuaténíọ̀nù ni láti sọ ibi tó yẹ kí kámẹ́rà kọjú sí láìsí àṣìṣe. Bóyá yóò débẹ̀ lásìkò kù sọ́wọ́ bí mọ́tò ṣe yára tó, tàbí bóyá ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà fi ọ̀pá ìyípo mìíràn kún un.